Ojú mi rí róbótó, ilé iṣẹ́ sì ní irùngbọ̀n kò gbọdọ̀ ju ìdajì íǹṣì lọ: báwo ni kí n ṣe gé e?

Àkànbí Ìbàdàn
Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ tó wà níbí. Ọmọ ọdún 27 ni mí. Báńkì kan níbí ní Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní ni màá sì bẹ̀rẹ̀ nídìí káńtà, níbi tí àwọn oníbàárà yóò ti máa rí mi lójúkojú. Nínú ìwé òfin ìmúra tí wọ́n fún wa, ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn àti táì jẹ́ dandan láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, a lè wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, irùngbọ̀n kò sì gbọdọ̀ ju ìdajì íǹṣì lọ, kí ó mọ́, kí a sì gé etí rẹ̀ kí ó hàn gbangba.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ojú mi rí róbótó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì kún. Irùngbọ̀n tí mo ti dá sí láti ìgbà tí mo ti ń sin ilẹ̀ bàbá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì méjì nísàlẹ̀ àgbọ̀n, òun ló sì ń jẹ́ kí ojú mi gùn díẹ̀. Nígbà kan tí mo fá a kanlẹ̀, obìnrin kan bi mí ní ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà bóyá mo ti jáde girama. Yàtọ̀ sí èyí, ibì kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi, ó tó orí àtàǹpàkò, tí irun kì í ti í hù dáadáa. Bí mo bá sì fi abẹ kan ọrùn mi, bọ́ǹpù a yọ síbẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe gé e tí yóò fi bá ojú mi mu, tí kò sì ní rú òfin?

Bàbá Afẹ̀yìntì
Ọmọ mi, fá a. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, kò sí òwúrọ̀ kan tí mo jáde láìfá àgbọ̀n mi. Irunmú tín-ín-rín nìkan ni mo dá sí. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ibi iṣẹ́ ni, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ná.

Táyé Onígbàjámọ̀
Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́, Bàbá. Mo gbà pé ojú tí a fá dán kì í rú òfin kankan, ṣùgbọ́n ẹni tí bọ́ǹpù ń yọ lọ́rùn rẹ̀ tí ó sì ń fi abẹ fá a lójoojúmọ́, láàárín oṣù kan ni ọrùn rẹ̀ yóò dúdú, tí kọ́là yóò sì máa ha á. Ojú tó dán pẹ̀lú ọrùn tó wú, a kò lè pè é ní ìmúra tó mọ́.

Àbúrò mi Àkànbí, ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń gẹ irun, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti lọ́yà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jókòó sórí àga mi ní àárọ̀ Sátidé. Lójú róbótó, ibi tí irun wà ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe pọ̀ tó lọ. Irun tí o bá fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yóò mú kí ojú fẹ̀ sí i, èyí tí o bá fi sílẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n yóò mú kí ó gùn. Íǹṣì méjì tí o dá sí ṣe ọ́ láǹfààní nítorí pé irun ìsàlẹ̀ gùn ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ojú àwọn ènìyàn ń rí. Bí a bá mú ìyàtọ̀ yẹn wọ inú ìdajì íǹṣì, ojú rẹ yóò ṣì gùn.

Ìdajì íǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 13. Nínú àwọn kóòmù oníke tí à ń fi bo ẹnu kílípà, nọ́ńbà kìíní ń fi nǹkan bíi mìlímítà 3 sílẹ̀, ìkejì 6, ìkẹta 10, ìkẹrin 13. Fún ìwọ, sọ fún ẹni tó ń gẹ̀ ọ́ pé kí ó lo nọ́ńbà kìíní láti ẹ̀gbẹ́ etí títí kan gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́, nọ́ńbà kejì láti igun párì wá sí ìsàlẹ̀ igun ẹnu, nọ́ńbà kẹta fún àgbọ̀n nìkan. Kí ó wá fi ẹnu kílípà pa ibi tí ọ̀kan ti pàdé èkejì pọ̀, kí ó má fi àtẹ̀gùn sílẹ̀ níbẹ̀. O lè bi mí pé kí ló dé tí a kò lo ìkẹrin nígbà tí òfin gba 13. Irun àgbọ̀n máa ń fi mìlímítà méjì sí mẹ́ta gùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí o bá gé e sí 10 ní Sátidé, nígbà tí Sátidé mìíràn bá fi dé, yóò ti kan ibi tí òfin wí. Ẹni tó gé e sí 13 ti kọjá ààlà kí ó tó di ọjọ́ Ajé.

Ohun kan ṣoṣo tí mo tún fẹ́ kí o mójú tó ni ìlà ọrùn, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ba ojú róbótó jẹ́. Gbé ìka méjì, ọ̀kan lórí èkejì, lé òkè gògóńgò rẹ. Ibi tí ìka òkè parí sí ni kí ìlà náà gbà, kí ó sì tẹ̀ bí ọrun lọ sí ẹ̀yìn etí méjèèjì. Àwọn kan máa ń gbé e gòkè dé orí egungun àgbọ̀n kí ó lè dà bí ohun tó mọ́. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ẹran abẹ́ àgbọ̀n yóò yọ síta, ojú yóò sì tún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Dèjì Sùúrùlérè
Ọ̀gá Táyé sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé róbótó ni ojú òun. Mú téèpù àwọn télọ̀, wọn ojú rẹ láti ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, kí o tún wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Bí méjèèjì bá súnmọ́ra, róbótó ni. Ní ti ibi tí irun kò ti hù, máa fi abẹ fá ibẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí a bá ń fá irun léraléra, ṣe ni ó máa ń ki sí i. Bí èmi ṣe rí tèmi nìyẹn nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún.

Táyé Onígbàjámọ̀
Dèjì, èrò wíwọ̀n dára, téèpù ni kò dára. Téèpù yóò gun orí imú, yóò sì tún yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ká. Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún yóò rò pé ojú òun fẹ̀ ju bí ó ti fẹ̀ lọ. Kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn ya fọ́tò rẹ̀ níwájú gan-an, kí onítọ̀hún dúró tó ìgbésẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí i, nítorí pé fóònù tí a nà sí iwájú ojú máa ń sọ imú di ńlá, á sì fa ẹ̀gbẹ́ ojú sẹ́yìn. Kí ó wá gbé rúlà lé fọ́tò náà.

Ní ti fífá kí irun lè ki, mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì tíì rí i lórí àga mi rí. Orí irun tí a kò gé rí máa ń tín-ín-rín. Èyí tí abẹ ti gé, orí rẹ̀ a kúgẹ́, ìdí nìyẹn tí ó fi ń gún ọwọ́ tó sì dà bíi pé ó ki. Ihò irun kan kò bí méjì nítorí abẹ. Ọmọ ogún ọdún ni o jẹ́ nígbà náà, bí o bá fá a, bí o kò fá a, irun rẹ ì bá ki.

Dèjì Sùúrùlérè
Mo gbà lórí téèpù. Lórí fífá, mo ṣì mọ ohun tí mo rí lójú ara mi.

Gbénró Àkúrẹ́
Ẹ dákun, mo ka ìmọ̀ràn irú èyí ní oṣù tó kọjá, mo gé ẹ̀gbẹ́ kanlẹ̀, mo fi àgbọ̀n sílẹ̀, àwọn ọmọ mi sì ń pè mí ní òbúkọ títí di òní. Ojú tèmi gùn, iwájú orí mi sì ga. Agbẹjọ́rò ni mí, mo sì máa ń wọ kọ́là funfun lọ sí ilé ẹjọ́, irun àgbọ̀n náà a máa fọwọ́ kan kọ́là bí mo bá tẹríba fún adájọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Táyé Onígbàjámọ̀
Ẹ̀gbọ́n Gbénró, ìmọ̀ràn ojú ẹlòmíràn ni ẹ gbé wọ ojú yín. Ojú yín gùn tẹ́lẹ̀, ẹ sì tún fi gígùn kún un. Kí wọ́n fi nọ́ńbà kejì tàbí ìkẹta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí wọ́n gé àgbọ̀n sí nọ́ńbà kìíní, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kí ó má ṣe ṣóńṣó. Kọ́là kò ní kan án mọ́.

Nọ́ọ̀sì Mánísítà
Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ lórí ọrùn Àkànbí, nítorí pé gbogbo wa ti ń sọ̀rọ̀ ẹwà, tí a sì ti fi awọ ara sílẹ̀. Irun wa ká. Bí abẹ bá gé e súnmọ́ awọ jù, tàbí tí a bá fa awọ le kí a tó fá a, orí irun náà a sá wọ abẹ́ awọ lọ, ó sì mú bí abẹ́rẹ́. Bí ó bá fẹ́ hù padà, bí ó ṣe ká yẹn ni yóò ṣe gún inú ara, ara yóò sì wú láti bá a jà. Ìdí nìyẹn tí bọ́ǹpù fi ń yọ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ohun tó ń dá a dúró ni pé kí a má ṣe gé irun náà kanlẹ̀. Kí wọ́n lo ẹnu kílípà lásán láìsí kóòmù lórí rẹ̀, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ, kí wọ́n sì máa lọ sí ọ̀nà tí irun kọjú sí. Díẹ̀ bíntín tó kù yóò dúró síta, kò sì sí ẹni tí yóò rí i láti ẹ̀yìn káńtà. Bí èyí tó wà níbẹ̀ báyìí bá ti wú, kí ó sinmi ọrùn yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó tún fi irin kàn án, kí ó sì má ṣe fi èékánná tú u.

Ẹ̀yin onígbàjámọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ̀kun dída sípíríìtì sí ọrùn àwọn ènìyàn. Ó ń gbẹ awọ, awọ gbígbẹ a sì máa há irun mọ́ abẹ́. Omi tútù àti òróró tó fúyẹ́ tó.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ pàápàá ti gba irùngbọ̀n láyè láti ọdún 2024, tí kò bá ti gùn ju mìlímítà 25.5 lọ, tí ó sì hù kárí láìsí ibi tó pá. Ṣùgbọ́n ní ọsibítù, ibi tí a bá ti ń lo ìbòjú tó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ pinpin, fífá ni o, nítorí pé irun tó hù fún ọjọ́ kan lásán lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Táyé Onígbàjámọ̀
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Sípíríìtì tí mo ń lò, torí àìsàn ni, nítorí pé kílípà kan náà ń kan ọ̀pọ̀ ènìyàn lóòjọ́. Bí mo bá dá a dúró, àwọn oníbàárà gan-an yóò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbà pé bí kò bá ta wọ́n, kò pa kòkòrò.

Nọ́ọ̀sì Mánísítà
Ẹ dà á sórí irin, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó lò ó. Ara irin ni ó ti wúlò.

Abdul-Wàsíù Ọ̀ṣogbo
Àlàáfíà fún gbogbo yín. Arákùnrin Àkànbí, má jẹ́ kí iṣẹ́ ayé mú ọ fá irùngbọ̀n rẹ. Ó wà nínú hadísì pé Abdullahi ọmọ Umar máa ń di irùngbọ̀n rẹ̀ mú ní ẹ̀kúnwọ́ kan, a sì gé ohun tó bá yọ sísàlẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ìdajì íǹṣì kò sún mọ́ ẹ̀kúnwọ́ rárá. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń gbà bí a bá kọ̀wé sí wọn.

Àkànbí Ìbàdàn
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Onígbàgbọ́ ni mí, ìbéèrè mi kò sì kan ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín yóò wúlò fún ẹlòmíràn.

Ìyá Ìrètí
Mo ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó fún ọdún 11, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní ìhà tiwa.

Àkọ́kọ́, Alàgbà Abdul-Wàsíù, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, abala 38, fi ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn fún gbogbo ènìyàn. Ilé iṣẹ́ aládàáni yóò sọ pé òṣìṣẹ́ ti fọwọ́ sí ìwé ìmúra. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbà fún ẹni tó kọ̀wé, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti gbé e kúrò nídìí káńtà lọ sí ẹ̀yìn. Kí ẹni tó bá kàn kọ̀wé kí ó tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un ní ìwé ìkìlọ̀.

Àkànbí, kò sí ẹnì kan tí yóò mú rúlà wá sí àgbọ̀n rẹ. Ohun tí àwọn ọ̀gá máa ń rí ni ààlà: ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìlà ọrùn, àti irunmú tó ń bọ́ sórí ètè. Irùngbọ̀n mìlímítà 13 tí ààlà rẹ̀ mọ́ kò ní dá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kọ́. Èyí tí ó jẹ́ 5 péré tí irun wẹ́wẹ́ sì ti tú ká ọrùn, wọn yóò pè ọ́ fún un ní ọjọ́ Ọjọ́rú. Nítorí náà, Sátidé nìkan kò tó. Ra kílípà kékeré, kí o sì máa tún ìlà ọrùn ṣe fúnra rẹ ní alẹ́ Ọjọ́rú. Bí bọ́ǹpù bá pọ̀, gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí o sì fi í pamọ́ sínú fáìlì rẹ ní ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá Ọ̀gá Táyé jiyàn lé lórí. Nọ́ńbà kìíní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ìkẹta nísàlẹ̀ dára lójú ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi yóò fẹ́ kí ọmọ tuntun gé e kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wo bí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀ ti ṣe ń gé tiwọn, kí ó tó dá a sí. Ìwé kan náà ni gbogbo ẹ̀ka ń kà, máníjà kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀.

Táyé Onígbàjámọ̀
Mo gbọ́, Ìyá Ìrètí. Bí ó bá gé gbogbo rẹ̀ sí nọ́ńbà kìíní, kí ó fi nọ́ńbà kejì sí àgbọ̀n. Ìyàtọ̀ náà yóò kéré, ṣùgbọ́n yóò ṣì wà. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ó rí bákan náà yípo, nítorí pé yóò ya ojú róbótó bí ẹni fi ẹfun ya ìlà yí i ká.

Àkànbí Ìbàdàn
Mo ti padà dé. Ó di ọjọ́ kẹjọ lónìí. Àbúrò mi ya fọ́tò mi láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Lórí fọ́tò náà, ojú mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 11.2, ó sì fẹ̀ ní 10. Ó gùn díẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n igun párì mi kò hàn rárá, nítorí náà mo gbà pé róbótó ni.

Ní Sátidé, mo lọ sí ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ kan ládùúgbò. Mo kọ àwọn nọ́ńbà náà sórí bébà fún un. Ó ṣe ti àgbọ̀n dáadáa, ìlà ọrùn sì wà níbi tí ìka méjì wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ibi tí kò hù lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ní òun yóò fi í pamọ́, ó sì gbé ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sísàlẹ̀ ibẹ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí òsì kí wọ́n lè dọ́gba. Nígbà tí mo wo dígí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì ti yọ síta bí ọsàn, irùngbọ̀n sì kù bí okùn fìlà tí a so mọ́ abẹ́ àgbọ̀n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí ó fá gbogbo rẹ̀ dànù lójú ẹsẹ̀.

Táyé Onígbàjámọ̀
Ó ṣeun tí o kò fá a. Má jẹ́ kí irin kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ títí di ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ohun tó hù níbẹ̀ yóò ti tó nọ́ńbà kìíní, ọjọ́ iṣẹ́ kò sì ní tíì pé. Nígbà náà, kí wọ́n tẹ̀ lé ìlà tí irun fúnra rẹ̀ yàn, láti iwájú etí wá sí igun irunmú, kí wọ́n kàn yọ àwọn tó dá dúró lókè rẹ̀. Ní ti ibi tí kò hù, nọ́ńbà kìíní gan-an ni yóò fi í pamọ́: bí irun tó yí i ká bá kúrú, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí awọ kì í hàn púpọ̀. Bí ó bá gùn ni ihò náà ń jìn.

Gbénró Àkúrẹ́
Mo ti fi nọ́ńbà kejì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìkìíní sí àgbọ̀n. Àwọn ọmọ ti dẹ́kun pípè mí ní òbúkọ. Ìyàwó mi ni kò tíì sọ nǹkan kan.

Àkànbí Ìbàdàn
Ìbéèrè kan ló kù. Irun àgbọ̀n mi tí wọ́n gé sí nọ́ńbà kẹta, bí mo bá fi ìka fà á, ó tó mìlímítà 10. Bí mo bá fi í sílẹ̀ kí ó ká, kò ju 6 lọ. Èwo ni ìwé òfin ń sọ? Bí ó bá jẹ́ èyí tó ká, mo lè lo ìkẹrin láìbẹ̀rù.

Ìyá Ìrètí
Bí ó ṣe dùbúlẹ̀ lójú ni wọ́n ń wò. Èmi kò fa irun ẹnikẹ́ni rí.

Táyé Onígbàjámọ̀
Bí ó ṣe gùn nígbà tí a bá fi kóòmù fà á ni kílípà fi ń wọ̀n ọ́n, òun ni èmi yóò sì tẹ̀ lé. Bí o bá ya irun náà lówùúrọ̀, tí o fi òróró pa á, yóò dúró gùn títí di ọ̀sán, ọ̀sán yẹn sì ni máníjà yóò kọjá.

Bàbá Afẹ̀yìntì
Àkànbí, lọ́jọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀, padà wá sọ ohun tí máníjà wí fún wa.